Fídíò Ilẹ̀ Tí Kò Dárúkọ Ìwé: Ẹ̀yin Alágbàtà Mágòdò, Ẹ Gbọ́!

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra wọ Mágòdò Féèsì Kejì pẹ̀lú katapílà, àwọn tó bá wọn wá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ilé onílé. Ohun tí wọ́n kọ kò gùn rárá. ID/795/88 ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pé àwọn ti gba ilẹ̀ náà lónìí nípa àṣẹ kóòtù sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò yìn wọ́n fún ẹ̀rù tí wọ́n dá ba àwọn ọmọdé tó wà nínú ilé wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkọ̀wé ọ̀hún dáadáa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kóòtù á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹjọ́ Ìkẹjà ni, pé òun ni ẹjọ́ 795, àti pé ọdún 1988 ni wọ́n pè é. Ìlà kan ṣoṣo lára ògiri, bí o bá sì fẹ́ mọ òtítọ́, ìlà yẹn á mú ọ dé ibi tí fáìlì ẹjọ́ náà wà.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti jókòó wo fídíò ilẹ̀ títà lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Gbogbo wọn ń pe Mágòdò, tàbí ẹ̀gbẹ́ Mágòdò, tàbí ẹ̀yìn Mágòdò. Ẹ̀rọ tó ń fò bí àwòdì, tí wọ́n ń pè ní dúróònù, á máa yí lókè òrùlé, orin á máa dún, ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn á na ọwọ́ méjèèjì, á ní: "Ìwé rẹ̀ pé pérépéré!" Ìwé wo? Kí ni nọ́ńbà rẹ̀? Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? N kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó fún mi ní ohun kan tí mo lè gbé lọ sí Aláúsà láti lọ wádìí. Ọ̀dà ara ògiri ṣe jù wọ́n lọ. Ìjà tí mo bá wọn jà nìyẹn, mo sì fẹ́ jà á tán lónìí.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Ṣàngíṣà kò lè mọ ìdí tí inú fi ń bí mi. Lọ́dún 1984 sí 1985, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé àwọn tó ń gbé ní Ṣàngíṣà, wọ́n sì sọ ilẹ̀ náà di ẹ́sítéètì ìjọba tí a mọ̀ sí Mágòdò Féèsì Kejì lónìí. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn gba kóòtù lọ. Wọ́n borí ní 1993, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀rọ̀ náà sì gorí òkè títí ó fi dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2012, kóòtù náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí ìjọba pín pulọ́ọ̀tì 549 fún wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba ti pín ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn yẹn ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2022, ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọ ọ́ sí i lójú pé àṣẹ àwọn ọ̀gá òun ní Àbújá ni òun ń tẹ̀ lé. Gbogbo ayé wò ó lórí fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ọwọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ pín, ní ẹ́sítéètì tó ní géètì tó sì lólùṣọ́, ẹjọ́ ṣì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Sí-ọf-Ó, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tí gómìnà fọwọ́ sí, jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, ṣùgbọ́n kóòtù lè wọ́gi lé e bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ẹ̀tọ́ òun ló ṣáájú. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá dúró síwájú kámẹ́rà ní Mágòdò tó sì ń sọ pé ìwé pé, láìdárúkọ ìwé kankan, yálà kò mọ nǹkan kan, tàbí ó mọ̀, ó sì ń retí pé ìwọ kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó gùn tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo wá jókòó kà á: ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni dúróònù fi yí lórí àwọn ilé ńláńlá Mágòdò, ilẹ̀ tí wọ́n ń tà gan-an kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ, koríko nìkan sì ni. "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí Mágòdò," ni wọ́n wí. "Sọ́fè rẹ̀ ti wọ rẹ́jísítà, ẹkisíṣọ̀n rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́." Ẹ̀gbọ́n mi san ìdajì owó. Ó tó pè mí, ó ní, "Àbúrò, mo ti ra ilẹ̀, wá bá mi wò ó."

Oṣù Kẹsàn-án ni. Mo lọ, mo sì bá omi. Òdìkejì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ilẹ̀ náà wà, níhà ibi tí odò Ògùn ti máa ń kún wọ ìlú bí òjò bá pọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n wí kì í ṣe irọ́ o, bí ó bá jẹ́ aago méjì òru ni o ń wakọ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Sọ́fè náà wà lóòótọ́, ó sì wọ rẹ́jísítà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú awọnlẹ̀ tiwa lọ, tó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ka ibi tí òkúta mẹ́rin ilẹ̀ náà wà, tó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sàfíyọ̀ Àgbà ní Aláúsà kí wọ́n gbé e lé máàpù, orí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ni ó bọ́ sí. Sọ́fè tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ gbígbẹ kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni nọ́ńbà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí. Àwọn awọnlẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Wọ́n á wọn ibi tí ọ̀ràn kò sí, wọ́n á fi ìwé rẹ̀ ta ibi tí ọ̀ràn wà. Bí o bá gbé ìwé nìkan lọ sí Aláúsà, wọ́n á sọ fún ọ pé kò séwu, nítorí ìwé náà kò séwu lóòótọ́. Orí ilẹ̀ ni ewu wà.

Ní ti ẹkisíṣọ̀n tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀. Bí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ àdúgbò kan, àwọn ẹbí onílẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ó yọ apá kan padà fún àwọn. Bí ó bá gbà, á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba. Kí ó tó dé inú gàsẹ́ẹ̀tì, ìjọba ló ni ilẹ̀ síbẹ̀. Ó ń lọ lọ́wọ́ kò ju pé wọ́n ti kọ lẹ́tà lọ. Lẹ́tà lè wà nínú fáìlì fún ogún ọdún, lẹ́yìn náà kí èsì sì jẹ́ rárá.

Díẹ̀ ló padà wọlé nínú owó ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gba oṣù mẹ́jọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí gbólóhùn kan nínú fídíò náà tí mo lè nawọ́ sí pé irọ́ pọ́ńbélé nìyí. Inú ohun tí wọn kò sọ ni irọ́ fi ara pamọ́ sí.

Mo bá ọmọkùnrin alágbàtà kan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Kétu. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kí ènìyàn bó ṣe yẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù, bí kò bá rí ohun tó wù ú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti fi ìka tì í kọjá nìyẹn. Tí mo bá ní kí n máa ka ìwé fún un, mo ti pàdánù rẹ̀." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìka. Ọ̀rọ̀ ìwé ni n kò gbà. Ta ló ń ra ilẹ̀ ní Mágòdò? Ẹni tó ní owó ńlá, tó sì ti gbọ́ ìròyìn ọdún 2021. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ohun tó fẹ́ rí kíákíá kì í ṣe òrùlé aládùúgbò. Òkúta ààlà àti nọ́ńbà ìwé ni ohun tó wù ú. Bí o bá fi wọ́n hàn án lákọ̀ọ́kọ́, ìka rẹ̀ á dúró.

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo bá rò pé ó rọrùn. Mo sì kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú pulọ́ọ̀tì kan ní Féèsì Kejì, tí ẹni tí ìjọba pín in fún fẹ́ tà, tó ní Sí-ọf-Ó. Gbogbo fídíò náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gọ́rin lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìṣẹ́jú àáyá kẹjọ, ilẹ̀ ni kámẹ́rà á wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ààlà kan, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nù ún kí nọ́ńbà ara rẹ̀ lè hàn. Á ní: "Ilẹ̀ yìí fẹ̀ ní mítà 18, ó gùn ní mítà 36. Iye tí onílẹ̀ ń béèrè ni ẹ ń wò yìí, owó èmi alágbàtà àti ti lọ́yà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀." Ìwọ̀n yẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 648, òun sì ni pulọ́ọ̀tì kan gidi bí a ti mọ̀ ọ́n ní Èkó. Mo ní kí ó sọ fífẹ̀ àti gígùn, nítorí àwọn kan ti ń pe mítà onígun mẹ́rin 300 ní pulọ́ọ̀tì báyìí láìpajú dé. Mo ní kí iye owó jáde níbẹ̀ náà. Àwọn tó ń sọ pé kí a kọ̀wé sí wọn ní kọ̀rọ̀ ká tó mọ iye, ojú ẹni ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Owó alágbàtà àti ti lọ́yà tún ń jẹ́ ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ti sanwó tán.

Láti ibẹ̀ dé ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn níwájú ilẹ̀ náà láti òkúta kìíní dé èkejì, kí kámẹ́rà má dákẹ́. Mítà 18 kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá lọ. Bí ó ti ń rìn, ojú ọ̀nà á hàn, gọ́tà á hàn, òpó iná á hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò, níbi tí omi ọdún tó kọjá ti máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ìtóye ilẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sì sí orin tó lè fi wọ́n hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ sọ bí ó ti jìnnà sí géètì ẹ́sítéètì, kí ó sọ ọ́ ní mítà. Ìṣẹ́jú máa ń yí padà ní Èkó, mítà kì í yí padà. Lẹ́yìn náà ni dúróònù lè gbéra, ṣùgbọ́n láti ẹsẹ̀ òkúta náà gan-an ni kó ti gòkè, láìgé fíìmù, kí ẹni mẹ́rin sì dúró lórí òkúta mẹ́rin pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́. Ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé ilẹ̀ tí òun rí nísàlẹ̀ náà ni òun ń rí lókè.

Ìwé ló kàn, títí dé ìṣẹ́jú àáyá ọgọ́ta. Ohun tí mo kọ fún un nìyí: "Sí-ọf-Ó ni ilẹ̀ yìí ní. Orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀ gan-an ló ń tà á. Nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní rẹ́jísítà ilẹ̀ ní Aláúsà nìyí, ojú ewé rẹ̀ nìyí, ìdìpọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ́fè rẹ̀ nìyí, nọ́ńbà òkúta tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ló wà lórí rẹ̀ yìí. A kò tíì gba ìfọwọ́sí gómìnà fún olùrà tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa gbà á, owó rẹ̀ kò sí nínú iye tí mo dá."

Ẹ wo nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀ yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni lọ́yà olùrà máa gbé lọ sí rẹ́jísítà láti mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, àti bóyá ilẹ̀ náà wà ní ìdógò lọ́dọ̀ báǹkì kan. Ṣùgbọ́n kí ó fi ìka bo orúkọ onílẹ̀ àti ìbuwọ́lù, nítorí àwọn oníjìbìtì náà ń wo fídíò, wọ́n á sì fi àwòrán ìwé rẹ̀ ṣe ayédèrú tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí gómìnà tí àwọn alágbàtà máa ń gbé mì kò ṣe é gbé mì. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ẹni tó ní Sí-ọf-Ó kò lè gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ẹni tó rà á tí kò gbà á, ìwé orúkọ ẹlòmíràn ló dì mọ́ra.

Apá tó kù ni ọmọkùnrin náà fi bá mi jà. Mo kọ ọ́ pé: "Ní ti ẹjọ́ Ṣàngíṣà, ID/795/88, onílẹ̀ sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀dà sára ògiri òun ní 2021. Èmi kò lè búra lórí ìyẹn. Kí lọ́yà yín wádìí rẹ̀, kí awọnlẹ̀ yín sì wá ka òkúta wọ̀nyí fúnra rẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan." Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó parí.

Ó fò dìde. Ó ní, "Háà, Bàbá! Ṣé kí n fẹnu ara mi lé oníbàárà lọ ni?" Mo ní àwọn tó máa sá lọ nítorí gbólóhùn yẹn, lọ́yà wọn ni ì bá lé wọn lọ lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí òun ti náwó epo, tí ó ti mú wọn wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn tó bá dúró, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀. Àti pé, kí ni yóò sọ fún ẹni tó bá sanwó tán, tó wá gbọ́ ìtàn Ṣàngíṣà lẹ́nu aládùúgbò ní ọjọ́ tó ń ya ìpìlẹ̀?

N kò sọ pé fídíò tó jẹ́ olóòótọ́ lè dípò ìwádìí. Bí alágbàtà bá tilẹ̀ ka gbogbo nọ́ńbà Aláúsà fún ọ, bí o kò bá gbé wọn lọ síbẹ̀, o kò tíì mọ nǹkan kan. Fídíò kò sì lè fi aáwọ̀ inú ẹbí hàn, tàbí onílẹ̀ tó ti gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́lẹ̀ tí ẹni náà kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ níbi kankan. Ṣùgbọ́n ó lè fún ọ ní ohun tí o fi máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, òun gan-an sì ni fídíò ẹ̀gbọ́n mi fi pamọ́ fún un.

Ọmọkùnrin alágbàtà náà mú ìwé tí mo kọ lọ, ó ká a sínú àpò. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó pè mí lórí fóònù. Ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ níhà Agílítí, ó ní òun ti rí nọ́ńbà òkúta, ìwé sì ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń sọ pé omi máa ń débẹ̀, onílẹ̀ ní kì í débẹ̀, òun kò sì mọ ohun tí òun máa sọ nínú fídíò. Ó ní ilẹ̀ náà gbẹ kanrin-kanrin báyìí, kámẹ́rà kò sì lè rí omi tí kò sí.

Mo ní kó fi kámẹ́rà rẹ̀ sílé di oṣù Kẹsàn-án.